Bíṣọ́ọ̀bù Tí Fischer Fi Sílẹ̀

Nígbà tí Boris Spassky túúbá fún Bobby Fischer ní Reykjavík, olú ìlú Áísílándì, ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1972, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí ọpọ́n. Ọ̀kan wà ní d1, èkejì wà ní e1. Wọ́n fara ti ara wọn ní ìlà àkọ́kọ́, níbi tí a máa ń to àwọn àgbà ọmọ ayò sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ 27 ni wọ́n ti gbé. Ẹni tó bá ṣàdédé yọjú sí ọpọ́n náà yóò rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ló mú Funfun. Bẹ́ẹ̀, Spassky ni ọ̀gá gbogbo ayé lọ́jọ́ náà.

Eré yẹn ni mo máa ń gbé kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé, bí ọpọ́n bá tì pa, ṣé ẹṣin ló yẹ kéèyàn fi ṣe pàṣípààrọ̀ ni àbí bíṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Agbowó ló bi mí kẹ́yìn. Orí fóònù ló ti ń ta tiẹ̀, lórí Lichess, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí iná tó lọ tàbí kí dátà tó tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní bí ọpọ́n bá ti tì, ẹṣin ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Mo wá ń fi bíṣọ́ọ̀bù mi gba ẹṣin wọn ní gbogbo ìgbà. Kí ló dé tí wọ́n tún ń nà mí?" Mo ní kó wá bá mi ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, kó sì jẹ́ ká ta á lórí ọpọ́n gidi.

Ohun tí wọ́n sọ fún un kì í ṣe irọ́. Iye kan náà ni ìwé fi lé ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ọmọ-ogun mẹ́ta. Bíṣọ́ọ̀bù a máa sáré láti igun ọpọ́n kan dé igun kejì, ṣùgbọ́n àwọ̀ ilé kan ṣoṣo ló mọ̀: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí ilé funfun kò ní fẹsẹ̀ kan ilé dúdú títí eré yóò fi parí. Ẹṣin kì í sáré, ṣùgbọ́n ó lè fo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Bí ọmọ-ogun Funfun àti ti Dúdú bá wá forí gbárí láàárín ọpọ́n, tí kò sí èyí tó lè sún mọ́, ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù ti dí nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Ṣálẹ́ńjì, Máíkírà lè ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti ọ̀kadà lọ, ọ̀kadà ni yóò kọ́kọ́ dé Ríìnì Róòdù. Àfiwé náà kò pé, ṣá o. Ọ̀kadà yára, ẹṣin orí ọpọ́n kò yára rárá. Ohun tí ọpọ́n tó tì ń ṣe fún ẹṣin ni pé ó ń fún un láyè láti máa rìn jẹ́jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó lè sáré lọ dáná sun ilé rẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ "bíṣọ́ọ̀bù" lásán. Méjì ni, ti ilé funfun àti ti ilé dúdú, ibi tí àwọn ọmọ-ogun bá sì ti dúró ni yóò sọ èyí tó ti di ẹlẹ́wọ̀n nínú wọn. Èyí ni Fischer mọ̀ tí àbúrò mi kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣe é.

Dúdú ló mú. Ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Aron Nimzowitsch pè ni wọ́n ta, èyí tí Dúdú ti ń gbé bíṣọ́ọ̀bù ilé dúdú rẹ̀ lọ sí b4 ní kíákíá, kó lè kojú ẹṣin Funfun tó wà ní c3. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ karùn-ún, Funfun ní ọmọ-ogun ní c4, d4 àti e3, ẹṣin rẹ̀ méjèèjì sì ti jáde sí c3 àti f3. Dúdú ní ọmọ-ogun ní c5 àti e6, tòun ti ẹṣin ní c6 àti f6. Spassky wá gbé bíṣọ́ọ̀bù ilé funfun rẹ̀ sí d3. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Fischer fi bíṣọ́ọ̀bù b4 gba ẹṣin c3, tó sì fi ọba Funfun sí ṣẹ́ẹ̀kì. Ọmọ-ogun b2 ló gbẹ̀san.

Kò sí ẹni tó lé bíṣọ́ọ̀bù yẹn. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni pé kí Dúdú dúró títí Funfun yóò fi sún ọmọ-ogun sí a3, kí bíṣọ́ọ̀bù sì wá gba ẹṣin nígbà náà, torí pé Funfun yóò ti fi ìgbésẹ̀ kan ṣòfò lórí a3. Fischer, ẹni tí gbogbo ayé ṣẹ́ẹ̀sì mọ̀ sí olólùfẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, yọ̀ǹda ìgbésẹ̀ ọ̀fẹ́ yẹn. Kí ló rí? Ó rí ẹṣin f3. Ẹṣin yẹn dúró gẹ́lẹ́ níwájú ọmọ-ogun f2. Bí ọpọ́n bá máa tì, f4 ni ilẹ̀kùn tí Funfun yóò gbà ṣí i, ẹṣin tirẹ̀ sì ti dí ilẹ̀kùn náà mọ́ ara rẹ̀. Bí Fischer bá fi ìgbésẹ̀ kan sí i jáfara, Funfun lè to nǹkan rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Wọ́n padà fi orúkọ Robert Hübner, ọ̀gá ará Jámánì, pe ọ̀nà títa yìí.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú eré náà, mo sì rò pé òun làwọn ènìyàn máa ń yára kọjá. Dúdú sún ọmọ-ogun sí d6. Funfun sún e4. Dúdú sún e5. Funfun sún d5, Dúdú sì fa ẹṣin c6 sẹ́yìn sí e7. Ọpọ́n tì. Ẹ wo àwọ̀ ilé tí àwọn ọmọ-ogun Dúdú dúró lé: c5, d6, e5. Ilé dúdú ni gbogbo rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tí Fischer fi sílẹ̀, ti ilé dúdú ni. Ká ní ó ṣì wà ní b4 ni, c5 ti dí ọ̀nà tí yóò gbà padà sílé, d6 sì ti tì í lẹ́yìn. Fischer kọ́kọ́ ta ẹni tí ògiri yóò há mọ́, kó tó mọ ògiri náà. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kù, ti ilé funfun, kò ní ọmọ-ogun tirẹ̀ kankan tí yóò dí i lọ́nà láàárín ọpọ́n.

Ẹ wá wo ti Funfun: c4, d5, e4. Ilé funfun ni gbogbo wọn, bíṣọ́ọ̀bù ilé funfun Spassky sì wà lẹ́yìn wọn ní d3, tó ń wo ẹ̀yìn orí ọmọ-ogun tirẹ̀. Ọmọ-ogun c3 àti c4 to léra wọn, kò sí ọmọ-ogun mìíràn tó lè gbèjà c4 mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù tó yẹ kó máa dọdẹ ti di ọlọ́dẹ ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí gan-an ni mo ti ń kùnà," àbúrò mi wí. "Èmi máa ń gba ẹṣin c3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà mo máa ń fi c5 gba d4."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi bíṣọ́ọ̀bù kan lélẹ̀, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọpọ́n fún méjì tí ẹnìkejì ní. Pàṣípààrọ̀ yẹn kò ní ìtumọ̀ bí títì ọpọ́n kò bá tẹ̀ lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbèsè: o ti jẹ Funfun ní bíṣọ́ọ̀bù méjì, títì ọpọ́n ni owó tí o fi ń san án.

Spassky kò sùn. Ó mọ̀ pé f4 ni ilẹ̀kùn, ó sì gbé ẹṣin f3 lọ sí h4 kí ọmọ-ogun f lè jáde. Dúdú sún h6. Funfun sún f4. Ibí ni ìdẹkùn wà. Bí Dúdú bá fi e5 gba f4, bíṣọ́ọ̀bù Funfun yóò gbà á padà, Dúdú yóò sì rí ohun tó dùn mọ́ ọn lójú: ọmọ-ogun g5 tí yóò lé bíṣọ́ọ̀bù f4 àti ẹṣin h4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-ogun e5 tó di àárín ọpọ́n mú ti kúrò. Funfun yóò ti e4 lọ sí e5, ògiri yóò wó, bíṣọ́ọ̀bù d3 yóò sì jí lójú oorun. Fischer kò wo ohun tí ó lè jẹ. Ó gbé ẹṣin e7 lọ sí g6, níbi tó ti ń kojú ẹṣin h4 tó sì tún ń tẹ f4.

Spassky gba ẹṣin náà. Dúdú fi ọmọ-ogun f7 gbà á padà.

Lójú tèmi, ibí ni eré náà ti yí, kì í ṣe ní ìgbésẹ̀ 27 tí gbogbo ìwé ń fi hàn. Ẹ ka ohun tó kù. Funfun: bíṣọ́ọ̀bù méjì, kò sí ẹṣin. Dúdú: bíṣọ́ọ̀bù kan, ẹṣin kan. Ẹṣin ni Spassky fi gba ẹṣin, lórí ìwé kò sí ẹni tó jẹ èrè. Àmọ́ lórí ọpọ́n tó tì, ó ti fi ẹni kan ṣoṣo tó lè fo ògiri sílẹ̀. Ẹṣin f6 ti Fischer kò ní akẹgbẹ́ mọ́. Ilé tó bá gbà, kò sí ẹṣin tí yóò lé e kúrò. Ó ṣeé ṣe kí Spassky rí i pé àwọn ọmọ-ogun g6 àti g7 Dúdú to léra wọn, wọ́n sì burú lójú. Wọ́n burú lóòótọ́. Ẹ fọkàn sí èyí tó wà ní g6.

Lẹ́yìn èyí ni Spassky fi f4 gba e5, d6 sì gbà á padà. Funfun rí ohun méjì níbẹ̀: ìlà f ṣí sílẹ̀ fún rúùkù rẹ̀, ọmọ-ogun d5 sì di èyí tí ọmọ-ogun Dúdú kankan kò lè dá dúró mọ́. Ṣùgbọ́n ìlà f tó ṣí, rúùkù Dúdú náà wà lórí rẹ̀. Ọmọ-ogun d5 sì ń lọ síbi tí kò sí ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Kò kúrò ní d5 títí eré fi parí. Ilẹ̀kùn mìíràn tó ṣẹ́kù fún Funfun ni apá òsì. Ó sún ọmọ-ogun sí a4, kó lè sún un sí a5 kó sì fọ́ ọmọ-ogun Dúdú tó wà ní b6. Fischer dá a lóhùn pẹ̀lú a5. Ìgbésẹ̀ kékeré kan, ó ṣe iṣẹ́ méjì. Apá òsì tì. Ọmọ-ogun a4 sì di ẹni tí kò lè lọ iwájú mọ́, lórí ilé funfun, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù Fischer ti lè dé. Ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni bíṣọ́ọ̀bù yẹn lọ jókòó sí d7, tí ojú rẹ̀ ń wo a4 tààrà. Kò tún sún mọ́ fún ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án.

Mo ní kí àbúrò mi fi ìka tọ́ka sí gbogbo ohun tí bíṣọ́ọ̀bù Funfun méjèèjì lè ṣe nísinsìnyí. Ti ilé dúdú, tó ti jáde sí e3, ń kọlu c5, ṣùgbọ́n b6 ń gbèjà c5. Èyí tó wà ní d3 ń ṣọ́ c4 àti e4. Ó wò ó títí. Ó ní, "Wọn ò ríbi lọ." Spassky gbé rúùkù sí b1, sí b2, ó tún gbé e sí f2, ohun tí ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn máa ń ṣe nìyẹn. Bíṣọ́ọ̀bù d3 padà sí c2, nígbà tó yá ó bọ́ sí d1. Ti e3 padà sí d2, ó padà sí e1.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Dúdú ń ṣiṣẹ́ lórí ilé kan: f4. Ó sún ọmọ-ogun g6, èyí tó burú lójú yẹn, lọ sí g5. Nísinsìnyí, e5 àti g5 ló ń ṣọ́ f4. Ayaba Dúdú yí gba e8 lọ sí g6, níbi tó ti ń wo e4. Ẹṣin f6 wá bọ́ sí h5. Spassky pààrọ̀ rúùkù méjèèjì ní f8, ohun kan ṣoṣo tí ìlà f ṣe fún un nìyẹn. Ẹṣin h5 bọ́ sí f4. Ìgbésẹ̀ méjì péré ni ẹṣin náà gbé, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan tún ilé ṣe dè é. Bíṣọ́ọ̀bù Funfun méjèèjì wà ní d1 àti e1 lákòókò yẹn. Kò sí èyí tó lè fọwọ́ kan f4.

Ẹṣin náà ń lé ayaba Funfun ní d3. Ayaba gbọ́dọ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbèjà e4 níbikíbi tó bá lọ, torí ayaba g6 ń dúró dè é. Ilé méjì ló dára lójú: b1 àti c2. Spassky yan c2. Ẹ wo ọpọ́n: bíṣọ́ọ̀bù d1 ló ti ń gbèjà a4, láti d1 gba c2 àti b3. Ayaba ti dúró sí c2, ó ti dí bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́nà. Òun nìkan ló wá ń gbèjà a4 àti e4 pọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù d7 dìde, ó gba a4. Bí ayaba bá gbà á padà, ayaba Dúdú yóò gba e4, yóò máa fi g2 halẹ̀ mọ́ ọba, pẹ̀lú ẹṣin f4 lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì tún máa fojú sí e1 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìgbésẹ̀ kan tó lè dá méjèèjì dúró. Bí ayaba bá sì sá fún bíṣọ́ọ̀bù náà, yóò gba èkejì rẹ̀ ní d1, e4 yóò sì bá a lọ. Spassky túúbá. Eré márùn-ún, àmì wọn di méjì ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀.

"Ká ní ó lọ sí b1 ńkọ́?" Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Bí ayaba bá wà ní b1, ọ̀nà d1 sí a4 ṣí, bíṣọ́ọ̀bù ń gbèjà a4, ayaba ń gbèjà e4, bí Dúdú bá gba a4 yóò pàdánù bíṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́. Eré kò ní parí lọ́jọ́ náà ní ìgbésẹ̀ 27. Ṣùgbọ́n ẹṣin ṣì wà ní f4, bíṣọ́ọ̀bù méjèèjì ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Ẹ kíyè sí ẹni tó parí iṣẹ́: bíṣọ́ọ̀bù ni. Fischer kò pinnu pé ẹṣin dára ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Ó pinnu èyí tó máa fi sílẹ̀ nínú bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjì, ó sì fi ọmọ-ogun rẹ̀ sí àwọ̀ ilé èyí tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ló ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, f4, e5, a5, tó ń tì wọ́n.

Àbúrò mi fẹ́ kí n fún un ní òfin tó lè máa lò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ní kó máa wo ọmọ-ogun tirẹ̀ tí kò lè sún mọ́, kí ó wo àwọ̀ ilé tí wọ́n wà; bíṣọ́ọ̀bù tó bá jẹ́ àwọ̀ kan náà ni yóò kọ́kọ́ rò láti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Kó sì wá ọmọ-ogun tí ẹnìkejì ṣì lè fi fọ́ ògiri. Bí ó bá rí i, tí kò sì ní ohun tí yóò fi dí i, kó mú bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dání. Ó ní òfin yẹn gùn jù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe.

Kó má baà lọ rò pé ẹṣin ló ń borí nígbà gbogbo, mo to ìjókòó mìíràn kalẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìgbèjà Ọba Íńdíà, ní ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ ìlú Mar del Plata ní Ajẹntínà pè. Ọpọ́n ti tì láàárín, d5 àti e4 fún Funfun, d6 àti e5 fún Dúdú. Dúdú ti sún ọmọ-ogun sí f4 àti g5, ó ń bọ̀ wá bá ọba Funfun nílé. Bíṣọ́ọ̀bù ilé funfun rẹ̀ wà ní c8, kò tíì kúrò níbi tí wọ́n tò ó sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó yóò ní iṣẹ́ kankan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ-ogun Dúdú yẹn, ilé dúdú ni wọ́n wà, ọ̀nà láti c8 sí h3 sì mọ́ roro. Nígbà tí ogun bá dé ọ̀dọ̀ ọba, bíṣọ́ọ̀bù náà ni yóò fi ara rẹ̀ gba ọmọ-ogun tó wà ní h3, tí ilé ọba yóò sì di gbayawu. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ ayò, tó mú Funfun, fi máa ń gbé ẹṣin rẹ̀ láti b1 lọ sí c3, láti c3 sí b5, láti b5 lọ gba ọmọ-ogun a7, kó tó wá gba bíṣọ́ọ̀bù náà ní c8. Rúùkù Dúdú yóò pa ẹṣin náà níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ẹṣin yẹn rìn, lórí ọpọ́n tó tì pa, láti lọ kú nítorí bíṣọ́ọ̀bù tí kò tíì sún rí.